Ìdọ̀tí Tí A Gbá Sí Gọ́tà Kò Tíì Kúrò Lọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ipò alága tí ẹ fi mí sí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà ọjà wa, nígbà tí òjò ńlá ti ń kùn lókè.

Bí a bá dé ìsọ̀ láàárọ̀, ìgbálẹ̀ la kọ́kọ́ ń mú. Kò sẹ́ni tó lè pè yín ní ọ̀lẹ lórí ilẹ̀ gbígbá. Ṣùgbọ́n ibo là ń gbá a lọ? Inú gọ́tà iwájú ìsọ̀ ni. Ewé ẹ̀fọ́, èèpo àlùbọ́sà, tòmátì tó ti rà, ọ̀rá omi, iyanrìn, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀. Ìsọ̀ á mọ́, a ó jókòó, a ó máa tajà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdọ̀tí yẹn kò tíì kúrò lọ́jà. Ó ń lọ bá ẹni tó ń tajà ní ìsàlẹ̀ ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lójú gbogbo yín.

Ẹ wo bí gọ́tà ṣe ń dí. Iyanrìn ló ń kọ́kọ́ rì sísàlẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, a kì í sì í fura. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá á léfòó wá, tí yóò há sí abẹ́ pákó tí ẹnì kan gbé dábùú gọ́tà. Èèpo àti ewé á wá gbára lé ọ̀rá náà. Bí omi tí wọ́n fi fọ ẹran bá gba ibẹ̀ kọjá, mọ́rà inú rẹ̀ á dì, á so gbogbo rẹ̀ pọ̀ gírígírí débi pé ọ̀pá kò ní lè tú u mọ́. Gọ́tà tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí iyanrìn ti gba ẹsẹ̀ bàtà kan nínú rẹ̀, kì í gbé tó ìdajì omi tó yẹ kó gbé, nítorí omi tí kò jìn kì í lè sáré.

Kò dìgbà tí omi bá wọ ìsọ̀ kí a tó mọ̀. Ní ọjọ́ kejì òjò, ẹ lọ wo gọ́tà yín. Bí omi bá ṣì dúró síbẹ̀, tó dúdú, tó ń rùn, nǹkan ti há níwájú. Ẹ da garawa omi kan sí i, kí ẹ sì ju ewé kan lé e. Ibi tí ewé bá ti dúró, ibẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tó dí i.

Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwa ará Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa rán létí. Ní ọdún 1980, omi Ògùnpa kún, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ọjọ́ kan ṣoṣo pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílùú yìí, ó sì gbé afárá lọ. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò tí a fi ìdọ̀tí dí lẹ́nu kò ríbi gbà. Inú àwọn odò wọ̀nyẹn náà sì ni gọ́tà ọjà ń dà sí.

Ti àìsàn ń kọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn inú omi tó dúró ti lè di ẹ̀fọn tó ń fò. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí a máa kó gọ́tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lóṣooṣù. Gàrí tí omi gọ́tà bá sì kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a gbẹ kí ẹ tún tà á. Kọ́lẹ́rà lè ti ibẹ̀ wọlé, oòrùn kò sì fọ̀ ọ́. Ẹ gbé àpò yín lé pákó, ẹ dé ọpọ́n gàrí yín kí ẹ tó lọ sílé, nítorí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé ibà Lásà wọ inú oúnjẹ.

Mo mọ̀ pé àyè kò tó. Nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe da kọnkéré borí gọ́tà, tí wọ́n gbé tábìlì lé e. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibi tí a kò lè ṣí, a kò lè kó o, ìdọ̀tí tó bá sì há sábẹ́ rẹ̀ á dí gbogbo ìlà tó wà lókè. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má bo gọ́tà rẹ̀. Ìbòrí tí èèyàn méjì lè gbé ni kó jẹ́. Èyí tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ kó tó di pé ìjọba bá wa fọ́ ọ mọ́ ìsọ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń bà mí nínú jẹ́ gan-an. Bí a bá kó ẹrẹ̀ jáde tán, etí gọ́tà la ń kó o jọ sí. Òjò kan ṣoṣo á rọ̀, á dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹrẹ̀ tútù wúwo lóòótọ́, torí náà, àpò ìrẹsì tí a dá lu nídìí ni kí a máa kó o sí, kí omi ro jáde nínú rẹ̀ díẹ̀. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kí ọmọlanke ti kó o dé ibi tí ọkọ̀ ìdọ̀tí ti ń gbé e. Owó ọmọlanke yẹn, ìlà kọ̀ọ̀kan ni yóò máa dá tirẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ gọ́tà o. Abẹ àti àfọ́kù ìgò wà níbẹ̀. Bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ la ó fi ṣe é.

Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó ní ìdérí. Èèpo iṣu àti ẹ̀gẹ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn eléwúrẹ́ yóò wá kó wọn. Ọ̀rá omi àti ike, àwọn tó ń ṣà wọ́n tà ń wá wọn kiri. Ẹ ó rí i pé ohun tó máa kù láti kó dànù kò ní pọ̀ mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, agogo méje àárọ̀, àwọn ẹlẹ́ran ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlà tiwọn ló wà lẹ́nu odò. Láti ìsàlẹ̀ la ti ń kó gọ́tà. Bí ti òkè bá ṣáájú, orí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á ya lé. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu ibẹ̀ tán, kí ẹlẹ́ja gbà á, kí alátà tẹ̀ lé e, kí aláṣọ kó tiwọn kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ni yóò di ṣọ́bìrì mú. Ẹ̀yin ìyá wa ni kí ẹ máa di ẹnu àpò, kí ẹ sì máa ka iye tó bá jáde láti ìlà yín, kí a lè mọ iye ọmọlanke tí a ó háyà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.