Ọ̀wọ̀ Mẹ́ta Tí Ó Jọra Lójú

Bí a bá kọ orúkọ ìlú Ọ̀wọ̀ sórí ìwé, ojú ènìyàn ni yóò kà á. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ náà fi ń pa á mọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti àmì kọ̀ọ̀kan ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkójọ kan tí a ń pè ní Yúníkóòdù. Nínú àkójọ yìí, ọ ní nọ́ńbà kan, ṣùgbọ́n ọ̀ tí ó ru àmì ohùn kò ní: a ní láti so àmì náà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó da àròkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nípa ìlú Ọ̀wọ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan. Ẹni kìn-ín-ní tẹ ọ, ó sì fi àmì ohùn lé e. Ẹnì kejì tẹ o lásán, ó fi àmì tótó sí abẹ́ rẹ̀, kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹnì kẹta ṣe bí ti ẹnì kejì, ṣùgbọ́n ilà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni ó fi sí abẹ́ dípò àmì tótó. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Síbẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wá Ọ̀wọ̀ nínú fáìlì, ẹ̀rọ lè rí ti ẹni kìn-ín-ní nìkan.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Nínú èdè ìṣètò Páítọ́ọ̀nù, `len(s)` a máa ka iye nọ́ńbà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀. Yóò ka 5 fún Ọ̀wọ̀ àkọ́kọ́, yóò sì ka 7 fún ìkejì àti ìkẹta. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí, tí s dúró fún gbogbo àròkọ náà:

```
import unicodedata
s = s.replace("\u0329", "\u0323")
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Ìlà kejì sọ ilà tí ó dúró di àmì tótó; ìlà kẹta so àmì tótó pọ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìlà kẹta ṣíwájú, nítorí NFC mọ̀ pé ọ̀kan náà ni ti ẹni kìn-ín-ní àti ti ẹnì kejì, ṣùgbọ́n àmì mìíràn pátápátá ni ó ka ilà tí ó dúró sí. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, Ọ̀wọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò di 5.

Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kì í dá ohun tí ó ti sọnù padà. Bí ẹ bá rí «?w?», lẹ́tà náà ti lọ. Bí àmì bá sì ti já, tí ó ku «owo» nìkan, ẹ̀rọ kò lè mọ̀ bóyá owó, òwò, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ẹ padà sí àròkọ tí ó kọ́kọ́ kọ, kí ẹ sì tún un tẹ̀.