Ikọ́ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ àti Òógùn Òru

Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 lára ènìyàn, tí òógùn sì ń rin aṣọ rẹ̀ gbingbin lóru, kí ó má ṣe rò pé ibà lásán ni. Ẹ wo àgbẹ̀ kan tí ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4. Ó ra kápúsù lọ́jà. Ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ikọ́ tún dé. Àwọn kápúsù kan a máa rọ kòkòrò ikọ́ ife lágbára díẹ̀ láì pa á tán. Àrùn náà á fara pa mọ́, afẹ́fẹ́ ikọ́ rẹ̀ á sì máa kó o ran àwọn ọmọ tí ń bá a sùn nínú yàrá kan náà.

Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ó wú u jáde láti inú àyà, ní òwúrọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí itọ́ ẹnu lásán lè ṣi àyẹ̀wò lọ́nà. Bí wọ́n bá rí kòkòrò náà, oṣù 6 ni a sábà máa ń fi lo oògùn rẹ̀, bí ara tilẹ̀ ti yá ṣáájú. Bí wọn kò bá rí i, ọ̀ràn kò tíì parí: àwòrán àyà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ikọ́ ife náà ló ṣì fara pa mọ́, tàbí àrùn éèdì, tàbí jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró.