Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ alágbo ọjà
Alágbo kan ń polówó pé: “10.000 sẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, 3.000 ni lónìí. Ìgò 5 péré ló kù. Gbogbo Kétu ló ti rà á!”

10.000 tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ló mú kí 3.000 dà bí ọ̀pọ̀. “Ìgò 5” ń kán yín lójú, kí ẹ má baà ronú. “Gbogbo Kétu” ń sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ kù.

Bó bá jẹ́ òótọ́, kò burú. Irọ́ ni ààlà. Ẹ béèrè pé: ta ló rà á ní 10.000 rí? Ẹ padà lọ́la: ṣé ìgò 5 náà ló ṣì kù? Ti oògùn tún yàtọ̀: bí èrò tilẹ̀ rà á lóòótọ́, ìyẹn ò ní kó wo àrùn. Ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.