Ìwé Àlàyé Lẹ́yìn Pípa Iṣẹ́ Jẹ

Ìbéèrè: Olùkọ́ kan ní Ara, nítòsí Ẹdẹ, pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn ọmọ, ó sì gbàgbé láti sọ fún ọ̀gá. Kí ni kó kọ?

Ìdáhùn: Ọjọ́ tó ń kọ ìwé gan-an ni kó fi sórí rẹ̀. Bó bá fi ọjọ́ tó ti kọjá sí i, ìwé ìbuwọ́lù ilé ẹ̀kọ́ yóò tú àṣírí rẹ̀. Àìsọ ló yẹ kó tọrọ àforíjì fún jù, torí ọ̀gá ì bá ti wá ẹni tí yóò dúró ti kíláàsì náà:

“Ẹ káàárọ̀ mà. N kò wá síṣẹ́ ní Ọjọ́rú tó kọjá. Ara ọmọ mi ò yá, mo sì gbàgbé láti pè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìṣirò ọjọ́ náà ní Ọjọ́ Ẹtì.”

Kó fi káàdì ilé ìwòsàn tì í. Bí kò bá sí, kó má wá ayédèrú.