Ìṣẹ́jú Méjì Tí A Fi Ń Kí Ẹbí Káàbọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí wọ́n ń gbé maìkì lé lọ́wọ́ níbi àpéjọ ẹbí ní òkè òkun, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ wà fún. Kí olúkúlùkù tó wà ní ìjókòó gbọ́ ìkíni tó tọ́ sí ipò rẹ̀ nínú ẹbí àti sí ọ̀nà tó rìn kó tó dé ibẹ̀. Ìtàn àwọn baba ńlá, owó àjọ, ilé ẹbí tí à ń tún ṣe nílé, àdúrà gígùn, gbogbo wọn ló ní ẹni tó ni wọ́n àti àsìkò tiwọn. Bí ẹ bá kó wọn wọ inú ìṣẹ́jú méjì, ìkíni gan-an ni kò ní ráyè, ìkíni yìí sì ni ẹbí ń retí lẹ́nu yín.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ẹbí kan tí orírun wọn jẹ́ Iléṣà, tí wọ́n ń pé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpin oṣù Ògún, ìyẹn oṣù kẹjọ, ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Ilé ìwé àwọn ọmọ wà ní ìsinmi nígbà náà, Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù náà sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Íńgílándì, kí àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè rọra padà sílé. Àwọn kan wọkọ̀ òfuurufú wá láti Tòróńtò àti Mẹ́rílàndì, àwọn kan wakọ̀ wá láti Bámíńgámù àti Máńṣẹ́sítà. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé. Àwọn ìyàwó ilé ń bẹ, àwọn ọmọ ilé tó jẹ́ obìnrin ń bẹ pẹ̀lú ọkọ wọn, àwọn tí a fẹ́ láti Gánà àti Jàmáíkà ń bẹ, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù sì ń sáré kiri láàárín àga.

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ẹ pe ẹni tó gba àlejò lórí fóònù, kí ẹ sì bi í pé: ta ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń bọ̀? Ta ni ọ̀nà rẹ̀ jìn jù? Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹbí, yálà ìyàwó tuntun tàbí ọmọ tuntun? Ta ni a pàdánù láti ìgbà tí a ti pàdé gbẹ̀yìn? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tí kò bá béèrè ló máa ń kí gbogbo ilé bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò, tí yóò sì bi opó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pé bàbá ńkọ́, lójú gbogbo èèyàn.

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ nìyí:

“Bàbá wa, olórí ẹbí, ọmọ yín kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa gbogbo, ẹ káàsán o. Ẹ̀yin ọmọ Obòkun, ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Tòróńtò àti Mẹ́rílàndì wá, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin tí ẹ wakọ̀ láti Bámíńgámù àti Máńṣẹ́sítà, ẹ kú ìrìn o. Ìyá wa tí ẹ ti Iléṣà dé, ẹ káàbọ̀. Bí a ṣe rí yín yìí, ilé la rí.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dáná láti àná, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin ọmọ ilé wa obìnrin, ẹ̀yin àna wa, ilé yín lẹ wà. Ìyàwó wa láti Gánà, ọkọ wa láti Jàmáíkà, tiwa ni yín.

A rántí àwọn tó bá wa jókòó nígbà tó kọjá, tí a kò rí mọ́. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìyá ọmọ tuntun, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run yóò wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ wa kéékèèké, ó yá, ẹ dìde. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà: Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ tún un kí: Ẹ káàbọ̀ o!

Oúnjẹ ti délẹ̀, àdúrà di ọwọ́ Bàbá wa. Gbogbo ẹbí, ẹ káàbọ̀.”

Bí ẹ bá kà á nínú yàrá yín, ẹ̀yin nìkan, kò ní tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi ohunkóhun kún un. Ìkíni Yorùbá ń béèrè ìdáhùn. Bí ẹ bá ní “ẹ kú ewu ọ̀nà”, àwọn ará Tòróńtò yóò ní “ewu ò wu wá o”, ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín, ẹnìkan yóò pàtẹ́wọ́. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n dáhùn tán, nítorí ìdáhùn yẹn náà wà lára ọ̀rọ̀ yín. Bí ẹ bá kí odidi ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn, ẹ̀ ń sáré jù nìyẹn, tàbí ojú yín wà lórí ìwé nígbà tó yẹ kó wà lára wọn.

Kí ẹ tó gba maìkì ni kí ẹ ti kí Bàbá. Ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀, lọ́dọ̀ Bàbá níbi tó jókòó sí, kí ẹ tó wá rìn lọ sí iwájú. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń dúró gbagidi sí iwájú pẹ̀lú maìkì, wọ́n á ní “mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ”, orúnkún wọn kò sì tẹ̀. Ó ń dun àgbà, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́. Bí àga bá há débi pé kò sí àyè, ẹ tẹ̀ ba kí ọwọ́ yín kan ilẹ̀. Àgbà tó bá rí ọwọ́ nílẹ̀ ti gbà á.

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí orúkọ ẹnì kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá dárúkọ ọ̀kan nínú ẹ̀gbọ́n bàbá yín márùn-ún, àwọn mẹ́rin tó kù yóò jókòó máa retí tiwọn. Bí ẹ bá sì dárúkọ márààrún, ta ni ẹ fi ṣáájú ta ni? Ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ kí wọn. Ẹni tí ipò rẹ̀ kò ní ẹnìkejì nìkan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀: olórí ẹbí, ìyá tó ti ilé dé, ìyá ọmọ tuntun. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn du ìyẹn.

Ti àwọn tó ń dáná ni mo máa ń rin kinkin mọ́ jù. Ní gbọ̀ngàn Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìdáná máa ń wà ní ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn rẹ̀ á pa dé, àwọn ìyàwó ilé á wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bu ìrẹsì, tí wọ́n ń tú mọ́ínmọ́ín. Wọn kò ní gbọ́ ìkíni tí ẹ kí wọn. Ẹ rán ọmọ kan kó lọ pè wọ́n wá sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọjú sí wọn tí ẹ bá dé orí wọn.

Ti ọkọ tàbí ìyàwó tí kò gbọ́ Yorùbá kò le. “Ìyàwó wa” àti “ọkọ wa” ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nínú ilé wa. Ẹ nawọ́ sí wọn bí ẹ ti ń sọ ọ́, wọn á mọ̀ pé àwọn ni, ẹni tó jókòó tì wọ́n á sì sọ ìyókù fún wọn.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn láé, òun ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹnìkan lè sọ fún yín tayọ̀tayọ̀ pé ìwé ìgbélùú ìbátan yín kan ti jáde, tàbí pé wọn kò fún ẹlòmíràn ní físà ló fi jẹ́ pé kò lè wá. Ẹ má kí wọn fún un ní gbangba. Àwọn kan wà ní ìjókòó tí tiwọn kò tíì jáde, tí wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bákan náà ni owó: ẹ má sọ ẹni tó san owó gbọ̀ngàn.

Àwọn tó ti lọ, gbólóhùn kan tó fún wọn, láìdárúkọ. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ tó ìwọ̀n èémí kan, kí ẹ tó bọ́ sórí ọmọ tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ikú náà, ẹkún á sọ, ẹ kò sì ní lè dá a dúró.

Oríkì náà ní ewu tirẹ̀. “Ọmọ Obòkun” tó. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì orílẹ̀, ìyá kan á dìde gbè é, owó á bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí iwájú orí, ìṣẹ́jú méjì á di ìdajì wákàtí. Ó dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá jẹun tán. Òwe náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún Bàbá. Ọmọdé tó bá pòwe gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà, kó sì gba ìdáhùn wọn, àyè kò sì sí fún ìyẹn níbí.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́hùn-ún, tí Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ ní kí ìyá yín tàbí àbúrò bàbá yín ka ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, kí ẹ máa gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ á fi wọ̀ yín létí. Tó bá di ọjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sórí pálí kékeré, kí àmì ohùn pé sórí rẹ̀. Fóònù máa ń ṣókùnkùn láàárín ọ̀rọ̀, ìpè láti ilé sì lè wọlé lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kí àwọn àna lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà ń yọ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Wọ́n ní aago méjì, èèyàn dé ní aago mẹ́rin. Ẹ má dúró de gbogbo ayé. Bí Bàbá bá ti jókòó, tí nǹkan bí ìdajì àga sì ti kún, ẹ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá dé lẹ́yìn, adarí ètò á fi gbólóhùn kan kí wọn. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá ń wọlé bọ̀ nígbà tí ẹ wà lórí ọ̀rọ̀, ẹ dánu dúró, ẹ ní “ẹ káàbọ̀ sà” tàbí “ẹ káàbọ̀ mà”, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí ẹ tó máa bá a lọ láti ibi tí ẹ dé, láìtún un bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ti kí gbogbo ẹbí káàbọ̀ tán, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé maìkì fún Bàbá kó ṣàdúrà, kí ẹ sì lọ jókòó.