Sìmẹ́ńtì àti Ọ̀dà Lórí Táìsì Tuntun

ÌBÉÈRÈ: Asata nílùú Ẹnúgu ni mò ń gbé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti lẹ táìsì sí pálọ̀ wa. Àwọn bíríkìlà tó wá tún igun ògiri ṣe lẹ́yìn náà jẹ́ kí sìmẹ́ńtì ta sí i, akunlé náà sì tún kán ọ̀dà sílẹ̀: funfun tó fi kun ògiri, àti èyí tó ń dán tó fi kun ilẹ̀kùn. Oní-táìsì ní ká da áásìdì sí gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò mi ní ọ̀bẹ ni ká fi ha á. Mi ò fẹ́ kí dídán rẹ̀ lọ. Ti ta ni kí n gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire ilé. Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí táìsì tó bá ti pàdánù dídán rẹ̀ kò ní oògùn. Àwọn méjèèjì sọ ìdajì òótọ́. Ohun kíkan máa ń jẹ sìmẹ́ńtì, àmọ́ kò ní ṣe ọ̀dà ní nǹkan kan. Híha sì dára fún ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó léwu fún sìmẹ́ńtì.

Ìdí ewu náà kì í ṣe ọ̀bẹ. Ohun tó ń dán lójú táìsì yín, irú dígí kan ni, tí wọ́n fi iná yọ́ mọ́ amọ̀. Irin ọ̀bẹ lásán kì í sábà ha á. Ìlà eérú tí ọ̀bẹ ń fà síbẹ̀, irin tó lẹ̀ mọ́ ọn ni lọ́pọ̀ ìgbà. Yanrìn inú sìmẹ́ńtì ló le ju dígí lọ. Bí ẹ bá ń ha sìmẹ́ńtì gbígbẹ, yanrìn náà lẹ ń fi gún ojú táìsì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi àkísà tútù bo ojú ibẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ fi pátákó tàbí ike líle tì í láti ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í fi bẹ́ẹ̀ di ojú dídán mú, èyí tó nípọn á ṣí. Ẹ kó èérún rẹ̀ kúrò pẹ̀lú àkísà tútù. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ wọ́ ọ kiri.

Ohun funfun tó bá ṣẹ́kù ni fínígà wà fún. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin àlàfo àárín táìsì dáadáa, kó má bàa mu fínígà, torí sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dí òun náà. Ẹ ta fínígà sójú àbàwọ́n nìkan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó lè hó díẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá tán, ẹ tún un ṣe, kàkà kí ẹ wá ohun tó le jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó; ká ní kò tíì tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ti dí àlàfo náà, ǹ bá ní kí ẹ dúró.

Áásìdì tí oní-táìsì ní kí ẹ dà sí i ńkọ́? Rárá. Ó ń jẹ àlàfo, ó ń jẹ ọwọ́. Bí ẹ bá lọ sí ọjà Kẹ́nyátà nílùú yín, ẹ ka ara ìgò ohunkóhun tí wọ́n bá tà fún yín: áásìdì tí wọ́n ń pè ní haidirofulọ́ríìkì ń jẹ dígí fúnra rẹ̀. Ẹ má sì ṣe da bílíìsì pọ̀ mọ́ ohun kíkan kankan, fínígà pàápàá. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọ̀dà ògiri rọrùn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, ìṣẹ́jú ogún lábẹ́ àkísà, lẹ́yìn náà ẹ fi káàdì ike tì í. Ti ilẹ̀kùn lágídí jù ú lọ. Ẹ rin ojú ibẹ̀, kí ẹ fi abẹ tuntun bọ́ ọ, kí abẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí táìsì. Ibi tí yanrìn kò bá sí nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí. Ẹ fi tínnà díẹ̀ sára àkísà nu ìyókù rẹ̀. Bí ẹ bá dà á sílẹ̀, á gbé àwọ̀ wọ inú àlàfo. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná kankan má sì sí nítòsí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dán fínígà àti tínnà wò lórí táìsì tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀, kí ẹ sì fi àkísà tútù nù ún. Bí ìlà náà bá lọ, dídán rẹ̀ ṣì pé. Bó bá dúró, ó ti jẹ ojú táìsì. Ẹ má lò ó. Bó bá sì jẹ́ mábù ni, ẹ má fi ohun kíkan kankan kàn án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi táìsì tó ṣẹ́kù tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Táìsì tí ẹ bá rà lọ́dún tó ń bọ̀ lè má bá àwọ̀ èyí mu mọ́.