Àpótí Rédíò Tó Di Ẹyin

Ìbéèrè: Mo ń ya àpótí rédíò nínú Blender. Etí rẹ̀ mú dáadáa, àmọ́ bí mo ṣe fi Subdivision Surface sí i, ó di roboto bí ẹyin. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣi nǹkan kan ṣe. Subdivision Surface ń pín ojú kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ó sì ń fa igun kọ̀ọ̀kan sún mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Nínú àpótí tí kò ní ìlà láàárín, aládùúgbò tí igun kan ní wà ní òpin ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún etí ní aládùúgbò tó sún mọ́ ọn.

Ẹ tẹ Ctrl+R, kí ẹ fa ìlà náà lọ sí nǹkan bíi mílímítà 3 sí etí. Méjì ní gígùn, méjì ní ìbú, méjì ní gíga: mẹ́fà péré ló tó. Bí ìlà bá ṣe sún mọ́ etí tó ni etí ṣe ń mú tó. Ẹ má sún un mọ́ jù o! Etí rédíò gidi máa ń tẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń dán. Èmi fẹ́ràn dídán yẹn gan-an.

Ọ̀nà kúkúrú wà: ẹ yan etí, ẹ tẹ Ctrl+B, kí Segments jẹ́ 2, kí Shape sì jẹ́ 1. Bí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba, ẹ ti na àpótí náà láìfìdí ìwọ̀n rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ padà sí Object Mode, ẹ tẹ Ctrl+A, ẹ yan Scale, kí ẹ tún un ṣe.

Lórí ojú pẹrẹsẹ, àwọn ìlà yìí kì í dà á rú. Lára bọ́tìnì roboto, ìlà tó bá gba orí rẹ̀ kọjá máa ń fa ìwúnjọ, ẹ ó sì rí i bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yí lára rẹ̀.